Oògùn tí mo fi sí orí ọmọ mi

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, dé láti Kétu lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mẹ́ẹ̀ṣì dúdú ni wọ́n fi dirun fún un ní ilé ìyá mi. Ó ní òun fẹ́ kí ó pọ́n bí oyin. Ṣé mo lè fi oògùn tí ń bó àwọ̀ irun sí i láì tú u, kí ó má sì já?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sí i. Èmi ti ṣe é.

Ọmọ ọdún 12 ni tèmi nígbà náà. Àbúrò mi ló dirun fún un ní Àjàṣẹ́, odindi ọjọ́ kan. A padà síbí, ó ń sunkún àwọ̀. Mo po ìyẹ̀fun oògùn tí ń bó àwọ̀ irun mọ́ omi ọ́síjìn ìwọ̀n 40, mo fi pa á láti ìdí dé ṣóńṣó, mo fi ọ̀rá wé e. Mẹ́ẹ̀ṣì dúdú síbẹ̀. Ike tí wọ́n nà bí òwú ni, inú ike náà ni àwọ̀ rẹ̀ wà. Oògùn yẹn kò rí nǹkan bó níbẹ̀. Irun ọmọ mi tó wà nínú ìdì ló rí bó. Mo fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n omi kì í ráyè wọ àárín ìdì tó le, oògùn tó há síbẹ̀ kò sì tíì ṣíwọ́. Nígbà tí mo tú u, irun náà ń nà nínú omi bíi ṣuǹgọ́ọ̀mù, kò sún padà, ó ń já sí mi lọ́wọ́. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún 16 báyìí, irun etí iwájú orí rẹ̀ kò tíì kún.

Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe nígbà yẹn, ta ni ì bá gbé e sáàárín orúnkún láti tú u, kí ó sì tún un dì? Àmọ́ ọmọ náà kò jẹ́ kí ìyá mi pàápàá fọwọ́ kan orí rẹ̀ mọ́. Èyí ló ń jí mi lóru.

Mẹ́ẹ̀ṣì kì í gba àwọ̀ tó mọ́ ju tirẹ̀ lọ, èyí tó dúdú sí i nìkan ló ń gbà. Nígbà mìíràn, ẹ ra nọ́ńbà 613 tó funfun bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, kí ẹ pa á láró kí wọ́n tó dì í. Mo máa ń po yíǹkì tó ń yọ́ nínú ọtí mọ́ ọtí tí a fi ń nu ojú egbò, màá fọ́n ọn sí i níbi tí fèrèsé wà ní ṣíṣí, tí iná kò sí. Ìwọ̀n rẹ̀, ojú ni mo fi ń wò ó. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára mẹ́ẹ̀ṣì díẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún. Bí aṣọ bá gba àwọ̀, ẹ ṣàn án sí i.

Dàda gidi kò rí bí mẹ́ẹ̀ṣì, irun orí ènìyàn ni. Ti ọmọkùnrin mi tó ní dàda, àwọ̀ tí kò ní ọ́síjìn nìkan ni mo ń fi sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í mú un pọ́n.

Èyí tó wà lórí ọmọ yín, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ oníwọ̀ fa ìdì mẹ́ẹ̀ṣì aláwọ̀ oyin mẹ́ta mẹ́rin wọ àárín rẹ̀.