Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí ẹni tó ta kọ́lọ́mù, ẹ dá ẹ̀rọ yín láre ná

Ìbéèrè: “Kọ́lọ́mù C18 tuntun tá a rà fún ẹ̀rọ HPLC lábù wa n'Ílọrin, iye pílétì rẹ̀ ò tó ìdajì èyí tó wà nínú sátífíkéètì. Báwo ni mo ṣe máa kọ lẹ́tà kí wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì kọ ọ́. “Ẹ̀rọ yín ló ń ṣe é” ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ, ohun tó sì ń bíni nínú ni pé òótọ́ ni nígbà míì.

Ẹnu ibi tí páìpù ti wọ kọ́lọ́mù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Féróòlù, òrùka onírin tó ń di páìpù mú, tó bá ti bu páìpù jẹ lára kọ́lọ́mù àtijọ́, kì í kúrò lójú kan mọ́. Bí ihò kọ́lọ́mù tuntun bá jìn ju ti àtijọ́ lọ, orí páìpù ò ní kan ìsàlẹ̀, àyè kékeré á ṣẹ́ kù, oògùn á máa yí níbẹ̀ kó tó wọlé, píìkì á sì fẹ̀. Ẹ fi féróòlù tuntun sí i, ẹ ti páìpù kó kanlẹ̀, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un le. Àmì tẹ́ ẹ máa wò nìyí: bí píìkì tó kọ́kọ́ jáde bá bàjẹ́ ju ti ìkẹyìn lọ, páìpù tàbí ẹnu rẹ̀ ni. Bí gbogbo wọn bá jọ bàjẹ́ bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n kì sínú kọ́lọ́mù ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi oògùn ìdánwò inú sátífíkéètì dán an wò: omi kan náà, ìyára kan náà, ooru kan náà. Ẹ lo ofùn kọ́lọ́mù, torí yàrá wa lóṣù Mẹ́ta kì í ṣe 25°C. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi kọ́lọ́mù àtijọ́ tó ṣì dáa sórí ẹ̀rọ yẹn. Bó bá yọrí síbi tó máa ń yọrí sí, ẹnu wọn wọhò.

Ìṣirò iye pílétì, ìyẹn N, nìyí: N = 5.54 × (tR / W½)². Ká ní tR, ìyẹn ìgbà tí píìkì jáde, jẹ́ ìṣẹ́jú 6.0, tí W½, ìyẹn fífẹ̀ rẹ̀ láàárín gíga, jẹ́ ìṣẹ́jú 0.13, N á tó 11,800. Bó bá jẹ́ 0.20, ó di 4,986. Ẹ yẹ ẹ̀rọ yín wò, torí òmíràn ń lo 16 pẹ̀lú fífẹ̀ ìdí píìkì. Ẹ má fi èyí wé ti sátífíkéètì.

Lẹ́tà ò nílò ẹjọ́ gígùn:

“Kọ́lọ́mù yìí, nọ́ńbà … , dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ … . A lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ní ipò tí sátífíkéètì yín sọ. N jẹ́ 4,986. Tiyín jẹ́ 11,800. Kọ́lọ́mù wa àtijọ́ dáa lórí ẹ̀rọ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Àwòrán méjèèjì àti iye ìfúnpá wà nínú ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tuntun ránṣẹ́ sí wa.”

Ẹ béèrè fún tuntun gan-an, kì í ṣe ẹ̀dínwó ọjọ́ iwájú. Ẹ má sì yí kọ́lọ́mù náà sódì láti fọ̀ ọ́, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹ dé ẹnu rẹ̀ méjèèjì padà, kẹ́ ẹ má sì ju páálí rẹ̀ nù.