ΔG°, K àti ìgbóná

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa l'Óṣogbo fún wa ní ΔG° fún N₂O₄ ⇌ 2NO₂. Báwo ni mo ṣe máa rí K? Tí ó bá gbóná ńkọ́?

Ìdáhùn: Lo ΔG° = −RT ln K. Tí ó bá gbóná, K á pọ̀ sí i, torí N₂O₄ ń gba ooru kó tó pín (ΔH° = +57 kJ/mol).

Ní 298 K, ΔG° jẹ́ +4.8 kJ/mol. Sọ ọ́ di 4800 J kí o tó fi RT, 2478 J, pín in. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. ln K = −1.94, K sì jẹ́ 0.14.

Fún 350 K:

ln(K₂/K₁) = (ΔH°/R)(1/T₁ − 1/T₂) = 3.4

K₂ á tó 4.4. Wàá rí i lójú: afẹ́fẹ́ inú ìgò tí a dé pa á túbọ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ìṣirò kejì yìí gbà pé ΔH° kò yí padà. Tí ìgbóná méjèèjì bá jìnnà síra gan-an, èsì á yẹ̀ díẹ̀.