Iṣẹ́ Síìpù fún Ẹni Tí Kò Láyè

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Àwa mẹ́rin la jọ wà nínú yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀dì mi àti àpò kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni gbogbo àyè tí mo ní. Mo gbìyànjú láti máa ta ọjà, àmọ́ àwọn tá a jọ ń gbé ń ráhùn nípa páálí tó wà nílẹ̀, ni mo bá pa á tì. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mo lè fi rówó láìní ibi ìkẹ́rùsí? Mo mọ abẹ́rẹ́ lò díẹ̀.*

Àbúrò mi,

Abẹ́rẹ́ tó o mọ̀ ọ́n lò yẹn ni kó o dì mú. Ohun tó mú kí ọjà gba àyè ni pé ìwọ lo ni ẹrù títí ẹni tó máa rà á yóò fi dé. Ní ti iṣẹ́ àtúnṣe, oníbàárà ló ni ẹrù, á sì gbé e lọ tó o bá ti ṣe tán. Èyí tí màá yàn fún ọ nínú wọn ni síìpù báàgì. Ẹ̀mú kékeré kan, àlùmọ́gàjí, abẹ́rẹ́ tó nípọn, òwú líle àti orí síìpù bíi mẹ́wàá ti tó bẹ̀rẹ̀, inú àpò ìkọ̀wé ni gbogbo wọn á sì gbà sí.

Ká ní ẹnì kan gbé báàgì ẹ̀yìn wá, tó ní síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́. Fà á kó o wò ó. Bí orí síìpù bá ń lọ geere, àmọ́ tí eyín ń là lẹ́yìn rẹ̀, eyín kọ́ ló bàjẹ́. Orí síìpù ló ti ṣí díẹ̀ nítorí fífà lójoojúmọ́, kò lágbára láti fún eyín pa pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ èyí, wọ́n á ju báàgì tó ṣì dára nù. Àmọ́ bí eyín bá ti ká kúrò láàárín, má gbà á. Síìpù tuntun ló fẹ́, iṣẹ́ aránṣọ tó ní máṣíìnì nìyẹn.

Fa orí síìpù náà padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ní ẹnu méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹyọ kan. Ẹ̀yìn yẹn ni kó o fi ẹ̀mú fún, apá ọ̀tún díẹ̀, apá òsì díẹ̀, kó o sì máa dán an wò. Má fi agbára ṣe é, torí irin rẹ̀ tètè máa ń kán. Èmi ti kán ti oníbàárà rí nígbà tí mò ń kánjú, mo sì san án. Sọ fún ẹni tó ni báàgì pé èyí lè tún ṣí tó bá yá, kó o sì gba owó kékeré.

Bí fífún kò bá ràn án, pààrọ̀ rẹ̀. Wo abẹ́ orí síìpù náà, o sábà máa rí nọ́ńbà níbẹ̀. Ti ṣòkòtò sábà máa ń jẹ́ 3, ti báàgì sì máa ń jẹ́ 5 tàbí 8. Nọ́ńbà nìkan kò tó o: orí síìpù eyín onírin kì í bá eyín oníke tí a ká bíi sípíríngì mu, bí nọ́ńbà wọn tiẹ̀ dọ́gba. Torí náà, ra ti oníke tó jẹ́ 5 pọ̀ jù, òun lo máa lò jù lórí báàgì.

Fi ẹ̀mú gé ti àtijọ́ kúrò, àmọ́ fi aṣọ bò ó kí èérún irin má bàa ta sójú rẹ tàbí sórí bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì. Tú ojú rírán níbi tí síìpù ti bẹ̀rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ti apá síìpù kọ̀ọ̀kan bọ inú ẹnu kan lára orí síìpù tuntun, kí etí àwọn apá méjèèjì dọ́gba, kó o wá fà á. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ, báàgì á wọ́ tó bá dé òpin, ìwọ náà á sì rí i. Yọ ọ́, kó o tún un ṣe. Bó bá ti dọ́gba, rán ibi tó o tú pa ní ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kí orí síìpù má bàa já bọ́.

Ní ti owó, béèrè iye tí aránṣọ tó sún mọ́ yín ń gbà fi síìpù tuntun sí báàgì. Má gbà ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kó o dúró lé gidigidi ni pé kí báàgì ẹnikẹ́ni má sùn lọ́dọ̀ rẹ. Yan wákàtí méjì lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, lọ jókòó sí ibi tí gbogbo èèyàn ń lò, lẹ́yìn tó o ti gbàṣẹ lọ́wọ́ alábòójútó ilé. Kí oníbàárà kó ohun tó wà nínú báàgì jáde kó o tó fọwọ́ kàn án, kó sì dúró tì ọ́. Pípààrọ̀ kan kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn. Báàgì tìrẹ tàbí ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé ni kó o fi kọ́ ọwọ́, má gba owó lórí mẹ́ta àkọ́kọ́.