Síláìdì ẹ̀rí nínú kárósẹ̀ẹ̀lì tí a fi ń wá iṣẹ́

Ìbéèrè: Ado-Ekiti ni mo wà. Mo máa ń ya àwòrán oúnjẹ, mo sì ń bá àwọn olóúnjẹ bójú tó Instagram wọn. Mo ṣe kárósẹ̀ẹ̀lì síláìdì mẹ́jọ láti fi wá iṣẹ́, ìyẹn àwòrán tí èèyàn ń fi ìka yí lọ́kọ̀ọ̀kan lórí Instagram. Síláìdì keje ni mo kó ẹ̀rí sí: sikirinṣọ́ọ̀tì WhatsApp mẹ́fà, àti "ìlọsíwájú 300%". Àwọn èèyàn ń láìkì í, àmọ́ kò sẹ́ni tó pè mí. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ ṣí síláìdì keje yẹn lórí fóònù, kí ẹ wò ó bí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ láti Ìjìgbò lọ sí Baṣírì. Sikirinṣọ́ọ̀tì mẹ́fà lójú kan ṣoṣo, lẹ́tà wọn ti kéré ju ohun tí ojú lè kà lọ. Olóúnjẹ tí ẹ ń wá rí i pé àwọn kan yìn yín, kò mọ ohun tí wọ́n sọ.

300% yẹn náà ò ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ń ta abọ́ méjì tẹ́lẹ̀, tó wá di mẹ́jọ, 300% náà ni. Oníyán kì í fi ìdá ọgọ́rùn-ún ṣírò ọjà, abọ́ ló ń kà. Ká ní oníyán kan ń gba abọ́ 15 lóòjọ́ lórí WhatsApp kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tó wá di 28 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí ẹ máa kọ gàdàgbà nìyẹn: "Abọ́ 15 lóòjọ́ di 28, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Ẹ wá fi lẹ́tà kékeré kọ ohun tí ẹ ṣe sábẹ́ rẹ̀: àwòrán tuntun 12, àti ìfiránṣẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa ń tàsé ni pé wọn kì í ka iye tó wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ oníbàárà kó jẹ́ kí ẹ jọ ka àwọn tó béèrè oúnjẹ lórí WhatsApp rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bó bá sì jẹ́ oṣù Kejìlá ni iye yẹn gòkè, nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì ń wọlé wá ṣọdún, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí, nítorí ọdún ló tà á. Bákan náà, bí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri láàárín àkókò kan náà, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn. Olóúnjẹ mìíràn á tètè fura sí iye tí kò ní àlàyé.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà, ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. "Ọlọ́run á bù kún ọ, iṣẹ́ rẹ dára" àdúrà ni, a dúpẹ́, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ bi í pé kí ló ń dà á láàmú tẹ́lẹ̀, kí ló sì rí tó yí padà. Ọ̀pọ̀ wọn á fi ohùn dáhùn, irú èyí: "Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́, inú ilé ìdáná tó ṣókùnkùn ni mo ti ń yà á, wọn ò ní dáhùn mọ́. Ní báyìí, wọ́n ti rí ọbẹ̀ kí wọ́n tó pè." Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Bí ẹ bá tún un kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì dídán, ohùn rẹ̀ á kúrò níbẹ̀, ó sì dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rí i. Ẹ lè gé e kúrú, ẹ má yí i padà.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi síláìdì tó ti parí hàn án, kó fi ọ̀rọ̀ kíkọ fún yín láṣẹ. Ẹ bo nọ́ńbà, fọ́tò àti orúkọ àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 ka irú nǹkan wọ̀nyẹn sí ohun tí a ò gbọ́dọ̀ lò bó ṣe wù wá.

Síláìdì márùn-ún ti tó. Ìkíní á sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè ṣe fún olóúnjẹ. Ìkejì á gbé àwòrán àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó yẹ kó dá dúró láìsí ìkíní, nítorí Instagram máa ń tún gbé síláìdì mìíràn wá fún ẹni tó fo èyí àkọ́kọ́. Ìkẹta ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá kúrò kí ó tó dé ìkeje ò ní rí i láé. Ìkẹrin ni bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti iye owó tó ti bẹ̀rẹ̀, ìkarùn-ún sì ni ìpè.

Ìsopọ̀ tí a kọ sórí àwòrán tàbí sábẹ́ rẹ̀ ní Instagram kò ṣeé tẹ̀. Ojú ìwé Instagram yín gan-an ni kí ẹ fi ìsopọ̀ WhatsApp yín sí, báyìí, kí nọ́ńbà yín láìsí òdo àkọ́kọ́ tẹ̀ lé 234:

```
https://wa.me/234
```

Kí síláìdì karùn-ún sọ pé kí wọ́n kọ "IYÁN" ránṣẹ́ sí yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ka iye ẹni tó kọ ọ́. Ẹ óò mọ àwọn tí kárósẹ̀ẹ̀lì yẹn gbé wá.