Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Ohun Tí Ẹ Ti Kà Tẹ́lẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn. A fẹ́ gbẹ́ bọ́hóòlù. Mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀ ni Excel rò jọ, iye yẹn náà sì ni agbaṣẹ́ṣe wa pè. Nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló rò ó, ṣé ó tún ku ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò? Mo fẹ́ fi fáàtì lé e kí n tó gbé e síwájú ìpàdé. Ìwé náà rèé, pẹ̀lú ìwé iye owó ẹni tó ń ta pọ́ǹpù.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e lọ sípàdé. Mílíọ̀nù méjì ló lé nínú rẹ̀.

Pé iye yín àti ti agbaṣẹ́ṣe bára mu kò jẹ́rìí sí nǹkan kan, nítorí ìwé kan náà lẹ jọ ń wò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà kì í ṣì í rò. Òótọ́ ni, ìròpọ̀ rẹ̀ kì í ṣì. Àmọ́ ohun tí SUM mọ̀ kò ju kí ó ro gbogbo nọ́ńbà tó wà láti àpótí tí ẹ ní kó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé èyí tí ẹ ní kó parí sí. Kò mọ èyí tó jẹ́ owó ohun tí ẹ fẹ́ rà, kò sì mọ èyí tó jẹ́ àròpọ̀ àwọn tó wà lókè rẹ̀.

Ẹ wo ìwé yín. Àyẹ̀wò ilẹ̀ jẹ́ ₦150,000, gbígbẹ́ ₦1,600,000, páìpù ₦250,000. Lábẹ́ wọn, ní ìlà karùn-ún, ẹ kọ àpapọ̀ ìpín kìíní: ₦2,000,000. Pọ́ǹpù àti wáyà rẹ̀ tẹ̀ lé e ní ₦450,000, tánkì àti irin tó máa gbé e dúró ₦900,000, owó oníṣẹ́ pọ́ǹpù ₦150,000. SUM yín wá bẹ̀rẹ̀ láti B2 dé B8, ó sì gbé ìlà karùn-ún náà mọ́ ọn. Ẹ ti ka gbogbo owó ìpín kìíní lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. ₦3,500,000 ló yẹ kó jẹ́. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

```
B5: =SUBTOTAL(9,B2:B4)
B9: =SUBTOTAL(9,B2:B8)
```

SUBTOTAL máa ń fo SUBTOTAL mìíràn tó bá bá pàdé lọ́nà, SUM kì í fò ó.

Ẹ tún fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ro àwọn ohun rírà nìkan, láìfi àpapọ̀ kankan kún un. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ yọ ọ̀kan nínú ìkejì. Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ iye kan tó wà nínú ìwé gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ fò ó. Bí 9 bá pín in láìṣẹ́kù, ẹ wá ibi tí nọ́ńbà ti yí padà, bí 540,000 dípò 450,000. Ẹni tó bá sì tẹ "450,000 náírà" sínú àpótí ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. SUM á fò ó láìsọ fún yín. Apá òsì ni irú rẹ̀ máa ń fara mọ́, nígbà tí nọ́ńbà gidi ń fara mọ́ apá ọ̀tún.

Èyí tí kọ̀ǹpútà kò lè rí láé ni owó oníṣẹ́ pọ́ǹpù yẹn. Ẹ ka ìwé iye owó ẹni tó ń ta pọ́ǹpù: ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó oníṣẹ́ tó máa fi pọ́ǹpù sí i ti wà nínú ₦450,000 náà. Kí ni ₦150,000 wá ń ṣe nísàlẹ̀? Ẹ bi agbaṣẹ́ṣe. Bí iṣẹ́ kan náà bá ni, ẹ yọ ọ́, ó di ₦3,350,000.

Fáàtì, ìyẹn owó-orí ọjà, jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020. Ẹ má kàn fi lé e. Bí iye tí wọ́n pè kò bá ní fáàtì nínú, ẹ fi ₦251,250 kún ₦3,350,000 yẹn, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ₦3,601,250. Bó bá ti wà nínú rẹ̀, ẹ ò ní fi nǹkan kan kún un mọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì lẹ máa san án bí ẹ bá fi kún un. Owó-orí tí wọ́n ń yọ nínú owó agbaṣẹ́ṣe nígbà tí ẹ bá ń san fún un kì í ṣe àfikún sí ètò ìṣúná rárá, inú owó tirẹ̀ ló ti ń jáde. Bóyá ó kan irú ẹgbẹ́ yín, ọ́fíìsì owó-orí ni kí ẹ ti béèrè. Àwọn ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ nìkan ni mo rí.

Kí agbaṣẹ́ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i, bóyá fáàtì wà nínú iye ohun kọ̀ọ̀kan tàbí kò sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kò tó.