Ìdí tí màmá fi ń rántí àtijọ́, tí wọn ò rántí oúnjẹ àárọ̀

“Màmá wa lè ka orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ní Ọjà Ọba nígbà èwe wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jẹun tán báyìí, wọ́n á ní ebi ń pa àwọn. Dókítà ní Àlùsáímà ni, ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Èwo ni ká gbà?”

Ti dókítà ni kẹ́ ẹ gbà. Èmi náà tọ́jú màmá mi nínú àìsàn yìí ní Òṣogbo níbí títí wọ́n fi lọ, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára.

Nínú ọpọlọ, lápá etí méjèèjì, ẹ̀yà kékeré kan wà tó ń jẹ́ hipokáńpọ́ọ̀sì. Tí màmá bá jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, ibì kan lára èèpo ọpọlọ, ìyẹn apá òde rẹ̀, ló gba adùn ẹ̀wà náà, ibòmíràn ló gba àwọ̀ abọ́, ibòmíràn ló gba ohùn ẹni tó gbé e wá. Hipokáńpọ́ọ̀sì ló ń so wọ́n pọ̀ di ìṣẹ̀lẹ̀ kan, bí aránṣọ ṣe ń fi òwú ọwọ́ so aṣọ pọ̀ kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Tá a bá sùn, á tún máa gbé ìṣẹ̀lẹ̀ náà wá síwájú èèpo ọpọlọ. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún, kí àwọn ibi wọ̀nyẹn tó lè di ara wọn mú láìsí i.

Ní Amẹ́ríkà ní 1953, wọ́n gé apá ńlá nínú hipokáńpọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Molaison kúrò lápá méjèèjì nítorí wárápá. Títí tó fi kú ní 2008, ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tó tún padà dé, àlejò tuntun ni lójú rẹ̀. Ó sì ń rántí ìgbà èwe rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà wọ hipokáńpọ́ọ̀sì gan-an ni Àlùsáímà sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Purotéènì kan tó ń jẹ́ táù á lọ́ mọ́ra nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, wọ́n á máa kú, á sì ràn dé inú hipokáńpọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀wà àárọ̀ kò ráyè wọlé dáadáa rárá. Ti Ọjà Ọba ti di ara èèpo ọpọlọ tipẹ́.

Ẹ lè rí i tẹ́ ẹ bá ta wọ́n lólobó. Mo bi màmá mi pé ta ló wá kí wọn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó wá. Mo ní, “Àbúrò yín tó gbé ọsàn wá ńkọ́?” Àgbàlagbà tó kàn ń gbàgbé á ní, “Áà, òótọ́ ni!” Màmá mi kàn ń wò mí ni, bẹ́ẹ̀ ọsàn náà wà níwájú wọn. Síbẹ̀, tí mo bá kó aṣọ àti ìko fún wọn, wọ́n á di àdìrẹ láìṣì í, torí ibòmíràn nínú ọpọlọ ni iṣẹ́ ọwọ́ ń gbé.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n má bá màmá jiyàn. Màmá á gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ rẹ̀ lè wà lára wọn fún ìgbà pípẹ́. Tí wọ́n bá ní ebi ń pa àwọn, ẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ fún wọn. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn Ọjà Ọba nísinsìnyí, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, torí àìsàn náà á dé èèpo ọpọlọ tó bá yá.