Fífi iPhone ya ètò wákàtí mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Màámá mi máa pé ọdún 70, a ó sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di aago kan ọ̀sán. iPhone mi ni mo fẹ́ fi ya gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo yà níjọ́sí, ojú àwọn èèyàn ń dúdú, ó tún ń mọ́lẹ̀, àyè sì tán lórí fóònù kí ètò tó parí. Kí ni kí n ṣe?

Orí àyè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Camera, kẹ́ ẹ wá tẹ Record Video. iPhone kọ ọ́ síbẹ̀, iye àyè tí ìṣẹ́jú kan máa gbà. Tẹ́ ẹ bá mú 1080p HD at 30 fps, ìṣẹ́jú kan ń gba nǹkan bíi 60 MB. 4K at 30 fps ń gba bíi 170 MB, 4K at 60 fps sì ń gba 400 MB. Ìṣẹ́jú 180 ló wà nínú wákàtí mẹ́ta, nítorí náà èyí àkọ́kọ́ á gbà bíi 11 GB, èyí kejì á lé ní 30, èyí kẹta á sì gba 72. Ẹ mú 1080p. Tẹlifíṣọ̀n ilé yín máa gbé e jáde dáadáa, mi ò sì rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi 4K ṣe níbẹ̀. Ẹ tún wo Formats lábẹ́ Camera pé High Efficiency ló wà, torí tó bá jẹ́ Most Compatible, àyè tó máa gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ kí àyè tó ṣófo tó 20 GB. Ohun tó máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé fídíò tẹ́ ẹ pa rẹ́ kì í kúrò lójú ẹsẹ̀. Inú Recently Deleted ló ń lọ, ó sì lè lo 30 ọjọ́ níbẹ̀ tí àyè ò ní ṣí. Ẹ wọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ti ojú tó ń dúdú, kámẹ́rà ló ń dá ìmọ́lẹ̀ rò fúnra rẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ Màámá tó wọ léèsì funfun bá ti kọjá níwájú, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú gbogbo èèyàn á sì dúdú. Bí pásítọ̀ tó wọ kóòtù dúdú bá wá dúró síbẹ̀, á tún tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kẹ́ ẹ wà lórí fídíò, kẹ́ ẹ tẹ ojú Màámá lórí fóònù, kẹ́ ẹ má gbé ìka kúrò títí AE/AF LOCK á fi hàn lókè. Lẹ́yìn náà, ẹ fa àwòrán oòrùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó yọ lójú fóònù sísàlẹ̀ díẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ẹ wo léèsì ọrùn Màámá. Bí ẹ bá ṣì ń rí ihò ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dára. Bó bá ti di funfun báláú, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tó lè dá ihò yẹn padà tó bá yá. Ojú tó dúdú díẹ̀ ṣeé tún ṣe lẹ́yìn náà.

Bẹ́ ẹ bá ti tì í báyìí, ẹ má fọwọ́ kan ojú fóònù mọ́, torí bẹ́ ẹ bá tẹ ibòmíràn, ó ti ṣí nìyẹn. Bákan náà, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ nìkan lẹ tì. Ibi tí kámẹ́rà tẹjú mọ́ náà ti dúró. Nígbà tí ẹbí bá ń jó bọ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n ti sún mọ́ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n lè máa hàn bàìbàì. Nítorí náà, ẹ dá fídíò dúró kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un tì sí ojú ẹni tó wà níbi tí wọ́n máa jó dé, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ó tún sàn kí fídíò wà ní ẹyọ mẹ́rin tàbí márùn-ún: bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan, ìyókù á wà.

Ẹ dá fóònù sí ìbú kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì pupa, torí bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ní òró, yíyí i padà láàárín kò ní tún un ṣe. Ẹ wo òǹkà àkókò tó wà lójú fóònù. Bó bá dúró ṣánṣán fún ẹni tó ń wò ó, fóònù ti mọ̀ pé ìbú ló wà. Kí ẹsẹ̀ tripod tẹ́ ẹ gbé fóònù lé ga ju gèlè àwọn tó jókòó níwájú lọ. Ẹ tan Airplane Mode kí ìpè má bàa dá fídíò dúró, ẹ so ó mọ́ páwá báǹkì, ẹ bọ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má sì gbé e síbi tí oòrùn fèrèsé ń ta sí, torí ooru lè mú kí ó pa ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, ẹ lọ ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀ gan-an, ní aago mẹ́wàá, láti ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí. Bí fídíò náà bá tóbi ju nǹkan bíi 600 MB lọ dáadáa, ẹ padà sí Record Video àti Formats, ó lè jẹ́ pé ẹ ò tíì wà lórí 1080p HD at 30 fps tàbí lórí High Efficiency.